Irin Tó Yọ Lórí Dẹ́kìn Kò Sọ Ohun Tó Wà Nínú Ilẹ̀

Ní àdúgbò púpọ̀ ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ìkòròdú, ẹ ó rí ilé tí irin pílà rẹ̀ yọ sókè lórí dẹ́kìn, tí òjò ti pa á títí tó fi dípẹtà. Àwọn mìíràn tẹ irin náà pamọ́ sábẹ́ pánù. Onílé fi í sílẹ̀ torí ó ní i lọ́kàn pé bí Ọlọ́run bá pèsè, òun á gbé àjà mìíràn lé ilé náà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tàbí ogún ọdún, owó á dé: owó ìfẹ̀yìntì, tàbí èyí tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Wọ́n á ránṣẹ́ pe bíríkìlà. Bíríkìlà á gun òkè, á fọwọ́ gbá irin náà, á ní, "Bàbá, ilé yín á gbé e. Ẹ ti fi irin sílẹ̀ fún un." Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, yanrìn àti òkúta ti dé ẹnu ọ̀nà.

Irin yẹn kò parọ́, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ló ń sọ: ohun tí onílé ní lọ́kàn lọ́jọ́ tí wọ́n da dẹ́kìn. Kò sọ bí ẹsẹ̀ kọnkéré tó wà lábẹ́ pílà ṣe fẹ̀ tó. Kò sọ bóyá kọnkéré inú pílà le tàbí kò le. Kò sì sọ irú ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló máa pinnu bóyá ilé lè gba àjà kún àjà, èyí tí agbára rẹ̀ bá kéré jù nínú wọn ló sì ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí ni bí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ṣe ń yẹ ilé wò kí wọ́n tó dáhùn, kí onílé lè mọ ohun tó yẹ kó béèrè, kó sì dá ìdáhùn gidi mọ̀ yàtọ̀ sí ìdáhùn ẹnu lásán.

Ìdí tí "ó ti wà láti ogún ọdún" kò fi tó

Ọ̀rọ̀ tí àwọn onílé máa ń sọ jù ni pé ilé àwọn ti dúró fún ogún ọdún láìsí wàhálà kankan. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹrù tó ń gbé ló fi ogún ọdún gbé. Kò tíì gbé èyí tí wọ́n fẹ́ gbé lé e.

Ẹrù inú ilé ní ọ̀nà tó ń gbà dé ilẹ̀. Ògiri òkè àti òrùlé jókòó lórí dẹ́kìn àti bíìmù. Dẹ́kìn gbé ẹrù tirẹ̀ àti ti àwọn tó ń gbé orí rẹ̀ fún bíìmù. Bíìmù gbé e fún pílà. Pílà gbé e lọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ilẹ̀, èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní bésì. Bésì ló wá tẹ́ ẹrù náà káàkiri kí ilẹ̀ lè gbà á. Bí a bá fi àjà kan kún un lókè, gbogbo ẹrù àjà náà ló máa gba ọ̀nà yìí kan náà kọjá, kò sí apá kan tó máa yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò fi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò: èló ni ẹrù tó wà lórí pílà kọ̀ọ̀kan báyìí, èló ni yóò sì dà?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ilé kan

Ká mú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, irú èyí tó pọ̀ ní ìlú wa. Ó ní ilé ìsàlẹ̀ àti òkè kan, òrùlé rẹ̀ jẹ́ igi àti pánù. Ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 10.8, òòró rẹ̀ jẹ́ mítà 12. Pílà 16 ló gbé e, mẹ́rin mẹ́rin ní ìlà mẹ́rin. Pílà kan jìnnà sí èkejì ní mítà 3.6 ní apá kan, mítà 4 ní apá kejì. Pílà kọ̀ọ̀kan jẹ́ íǹṣì 9 ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, ìyẹn mílì 225. Irin mẹ́rin, mílì 12, ló wà nínú rẹ̀. Onílé fẹ́ ṣí òrùlé, kó da dẹ́kìn tuntun, kó kọ́ àjà mìíràn, kó sì dá òrùlé padà sórí rẹ̀.

Ẹnjiníà kì í bẹ̀rẹ̀ láti pílà igun ilé. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti mẹ́rin tó wà láàárín, torí pé àwọn ló ń gba ẹrù láti apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Pílà àárín kan nínú ilé yìí ń gbé dẹ́kìn tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mítà 3.6 ní mítà 4, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 14.4.

Dẹ́kìn tó nípọn ní mílì 150 wọ̀n kílò 360 lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Táìsì àti pílásítà fi nǹkan bíi kílò 120 kún un. Àwọn ènìyàn, àga àti ẹrù ilé ni wọ́n máa ń fún ní kílò 150. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 630. Bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ ní ọ̀nà 14.4, ó di tọ́ọ̀nù 9 ó lé díẹ̀. Bíìmù tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 1.2. Ògiri bulọ́ọ̀kù íǹṣì 9 tó ga ní mítà mẹ́ta, pẹ̀lú pílásítà lójú méjèèjì, tó tọ́ọ̀nù kan lórí mítà kọ̀ọ̀kan tó gùn, tí a bá sì gbà pé ògiri wà lórí gbogbo bíìmù, pílà yìí ń gba mítà 7.6 nínú rẹ̀. Ẹ fi òrùlé kún un, kò tó tọ́ọ̀nù kan. Ẹ tún fi ẹrù pílà fúnra rẹ̀ kún un. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 19.5. Ẹrù tí pílà àárín náà ti ń gbé láti ọjọ́ yìí nìyẹn.

Ní báyìí, ẹ wo ohun tí àjà tuntun mú wá. Dẹ́kìn mìíràn, tọ́ọ̀nù 9.1. Bíìmù mìíràn, 1.2. Ògiri mìíràn, 7.6. Pílà tuntun, 0.4. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 18.3. Ìyẹn ju àpò símẹ́ńtì 360 lọ tí wọ́n kó lé orí pílà kan ṣoṣo, tí wọn kò sì ní sọ̀ kalẹ̀ láéláé. Ẹrù pílà náà yóò kúrò ní 19.5, yóò di tọ́ọ̀nù 37.8.

Ohun tó yẹ kí onílé mú kúrò nínú ìṣirò yìí ni pé òrùlé pánù fúyẹ́ púpọ̀. Ẹni tó bá wo ilé tó ní òkè kan, tó ní òun fẹ́ sọ ọ́ di olókè méjì, lè rò pé ìdajì ẹrù ni òun ń fi kún un. Ṣùgbọ́n òkè kan ṣoṣo ni pílà náà ń gbé tẹ́lẹ̀, torí ilẹ̀ ló gbé pẹpẹ ìsàlẹ̀, kì í ṣe pílà. Nítorí náà ẹrù yóò di ìlọ́po méjì tàbí kó sún mọ́ ọn.

Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ kí ẹ tó gun òkè

Ibi àkọ́kọ́ tó yẹ kí àyẹ̀wò lọ ni ìsàlẹ̀, torí ibẹ̀ ni ojú kò tó. Wọ́n á gbẹ́ kòtò kan sí ẹ̀gbẹ́ pílà, tó fẹ̀ tó mítà kan, títí wọn yóò fi rí eteetí bésì àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọn kò gbọ́dọ̀ gbẹ́ abẹ́ bésì náà, wọn kò sì gbọ́dọ̀ ṣí kòtò pílà púpọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù fún un. Bí wọ́n bá ti wọ̀n ọ́n tán, wọ́n á da ilẹ̀ padà ní ìpele ìpele, wọ́n á sì máa gún un kó le.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wá nínú kòtò náà. Èkíní ni bóyá pílà tiẹ̀ ní bésì rárá. Ní ọ̀pọ̀ ilé, pàápàá níbi tí wọ́n ti fi pílà kún iṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́ fóńdéṣọ̀n tán, pílà náà bẹ̀rẹ̀ láti orí Jámánì flọ́ọ̀. Lójú, ó jọ pílà gidi. Nínú ilẹ̀, kò sí ohunkóhun lábẹ́ rẹ̀ ju kọnkéré fẹ́lẹ́ tí wọ́n dà sórí yanrìn. Ilé bẹ́ẹ̀, ògiri ló ń gbé e, kì í ṣe pílà. Bí kòtò bá fi èyí hàn, àyẹ̀wò ti parí nìyẹn. Kò sí àjà tó yẹ kó gun orí rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ṣe ìpìlẹ̀ mìíràn fún un.

Èkejì ni ìwọ̀n bésì: ìbú rẹ̀, òòró rẹ̀ àti bó ṣe nípọn tó. Nínú ilé tí a ń ṣírò yìí, ká ní kòtò fi hàn pé bésì pílà àárín jẹ́ mítà 1.2 ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ìyẹn jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 1.44.

Ẹ̀kẹta ni ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n á ti irin olórí ṣóńṣó wọ ilẹ̀ pẹ̀lú òòlù tó ń já bọ́ láti ibi gíga kan náà, wọ́n á máa ka iye ìgbà tí wọ́n lù ú kó tó wọlé. Bí ilẹ̀ bá rọ̀, ìlù díẹ̀ ni yóò gbà. Bí ó bá le, ìlù yóò pọ̀. Ẹ̀rọ ńlá kan tún wà tó ń tì í wọlé díẹ̀díẹ̀, tó sì ń sọ agbára tí ilẹ̀ fi ń dí i. Kò tó kí wọ́n dán ojú ilẹ̀ wò lásán. Ẹrù bésì máa ń dé ìsàlẹ̀ tó jìn tó ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀, nítorí náà fún bésì mítà 1.2, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà títí dé mítà méjì àbọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ pupa tó le lókè lè bo amọ̀ rírọ̀ mọ́lẹ̀.

Ká ní ẹni tó dán ilẹ̀ wò sọ pé ilẹ̀ yìí lè gba tọ́ọ̀nù 15 lórí mítà onígun mẹ́rin kan láìséwu. Ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì fún ilẹ̀ pupa tó le díẹ̀. Lónìí, tọ́ọ̀nù 19.5 lórí 1.44 jẹ́ tọ́ọ̀nù 13.5 lórí mítà onígun mẹ́rin. Ó wà lábẹ́ 15, ìdí nìyẹn tí ilé náà fi dúró jẹ́ẹ́. Bí àjà tuntun bá gun orí rẹ̀, tọ́ọ̀nù 37.8 lórí 1.44 yóò di 26. Ó ti ré 15 kọjá jìnnà.

Ẹ tún wò ó láti apá kejì. Gbogbo ohun tí bésì yìí lè gbé lórí ilẹ̀ yìí jẹ́ tọ́ọ̀nù 21.6. Ó ti ń gbé 19.5. Tọ́ọ̀nù méjì ló ṣẹ́ kù. Kò sí àjà kọnkéré tó wọ inú tọ́ọ̀nù méjì. Kódà bí wọ́n bá sọ pé àwọn á fi igi ṣe pẹpẹ rẹ̀, tí wọ́n á sì fi pákó fẹ́lẹ́ ṣe ògiri rẹ̀, ó ṣòro kí ó wọ̀ ọ́.

Àwọn kan máa ń sọ pé ilẹ̀ ti le sí i lábẹ́ ilé láti ìgbà tó ti ń gbé e. Ọ̀rọ̀ yẹn ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Ilẹ̀ máa ń sún pọ̀ lábẹ́ ẹrù, lẹ́yìn ọdún púpọ̀ sísún náà á sì dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n fún ẹrù àtijọ́ ló ṣe dáwọ́ dúró. Bí ẹrù tuntun bá dé, ilẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í sún. Bí ó bá sún bákan náà lábẹ́ gbogbo pílà, ilé lè má ṣe bẹ́ẹ̀ fara pa. Ṣùgbọ́n pílà àárín á gba ẹrù ju ti igun lọ, á rì ju ti igun lọ, dẹ́kìn àti ògiri á sì máa ya. Ní Lẹ́kí àti apá púpọ̀ ní Èkó, níbi tí wọ́n ti fi yanrìn kún irà, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí amọ̀ àti ewéko jíjẹrà tó wà lábẹ́ yanrìn lè máa rì fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Pílà náà ní ìdánwò tirẹ̀

Ká gbà pé wọ́n rí ọ̀nà tún bésì ṣe. Ó ku pílà. Agbára pílà wá láti ara ohun mẹ́ta: bó ṣe tóbi tó, irin inú rẹ̀, àti bí kọnkéré rẹ̀ ṣe le tó. Wọ́n á fi tépù wọ̀n èkíní. Fún èkejì, ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń gbé rìn lára pílà tó máa ń dún bí ó bá kan irin nínú kọnkéré, tó sì lè sọ bí irin náà ṣe jìn sí ojú. Ẹ̀rọ náà máa ń sọ iye irin dáadáa, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ dá ìnípọn rẹ̀ mọ̀. Nítorí náà wọ́n á lá ojú pílà kan tàbí méjì títí irin yóò fi hàn, wọ́n á fi ohun ìwọ̀n gidi wọ̀n ọ́n. Èyí ṣe pàtàkì ní ilẹ̀ wa, torí irin tí wọ́n tà ní mílì 12 lè má pé 12. Wọ́n á tún wo àlàfo àárín ríìngì tó di irin náà mú. Bí ríìngì bá jìnnà jù sí ara wọn, irin lè tẹ̀ bọ́ síta lábẹ́ ẹrù, kọnkéré á sì fọ́ tẹ̀ lé e.

Ẹ̀kẹta, líle kọnkéré, ni ibi tí ilé púpọ̀ ti ń kùnà. Ohun èlò tó wọ́pọ̀ jù fún un ni òòlù ìdánwò tó ní sípíríǹgì nínú. Wọ́n á tì í mọ́ ara kọnkéré, yóò ta padà, wọ́n á ka nọ́ńbà tó bá fi hàn. Ó yá, kò sì ba ilé jẹ́. Àmọ́ ojú kọnkéré nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Afẹ́fẹ́ máa ń jẹ́ kí ojú kọnkéré àtijọ́ le ju inú rẹ̀ lọ, nítorí náà òòlù yìí lè yin pílà tí inú rẹ̀ kò dára. Ẹni tó bá fi òòlù yìí nìkan dá ẹjọ́ pílà ọdún ogún kò tíì ṣe àyẹ̀wò.

Ìdánwò tó dájú jù ni kí wọ́n fi ẹ̀rọ gé ègé kọnkéré roboto jáde, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìdánwò, kí wọ́n sì fún un títí yóò fi fọ́. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń dán ohun èlò ìkọ́lé wò ń ṣe irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n pílà íǹṣì 9 kéré púpọ̀, ihò tó bá fẹ̀ lè sọ ọ́ di aláìlágbára. Ẹnjiníà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á lo ègé kékeré, á fi ẹ̀rọ wá irin kó má bàa gé e, á fi igi tì bíìmù tó wà lókè kó tó gbẹ́, á sì fi kọnkéré tí kì í sún dí ihò náà lójú ẹsẹ̀. Ó tún lè mú ọ̀pọ̀ nínú ègé náà láti ara bésì, bí wọ́n bá jọ da òun àti pílà láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ kan náà, kó wá fi nọ́ńbà òòlù so àwọn méjèèjì pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ilé wa. Ìlànà BS 8110 láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà Nàìjíríà ti fi ń ṣiṣẹ́, ní kí a sọ ẹrù tí kì í kúrò di púpọ̀ ní ọ̀nà 1.4, kí a sì sọ ti àwọn ènìyàn àti ohun ìní wọn di púpọ̀ ní ọ̀nà 1.6. Tọ́ọ̀nù 37.8 yóò wá di nǹkan bíi 54. Pílà gbọ́dọ̀ lè gbé 54 lórí ìwé kí a tó ní ó yẹ.

Bí kọnkéré pílà náà bá jẹ́ gíréèdì 25, pílà íǹṣì 9 pẹ̀lú irin mẹ́rin mílì 12 lè gbé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 57. Ó yege, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀ ló fi yege. Bí ó bá jẹ́ gíréèdì 20, agbára rẹ̀ yóò jẹ́ 48. Ó kùnà. Bí ègé tí wọ́n fọ́ bá fi hàn pé gíréèdì 15 ni, agbára rẹ̀ kò ju 39 lọ. Síbẹ̀, fún ẹrù àtijọ́, 28 péré ni pílà náà nílò lórí ìwé. Ẹ rí i pé pílà tí kọnkéré rẹ̀ kò dára tó, pílà gíréèdì 15, lè dúró fún ogún ọdún lábẹ́ òkè kan láìya, kó sì jẹ́ pé kò lè gbé òkè kejì.

Àwọn onílé mìíràn máa ń ní, "Ẹnjiníà máa ń fi àlékún sílẹ̀ nígbà gbogbo." Àlékún náà wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe àyè òfìfo tó ń retí àjà tuntun. Wọ́n fi í sílẹ̀ torí omi tó pọ̀ jù nínú kọnkéré, símẹ́ńtì tí kò tó, irin tí kò pé ìwọ̀n, àti ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀. Nínú ilé tí wọ́n ti fi ọwọ́ po kọnkéré, tí wọ́n sì da omi sí i kó lè rọ̀ láti dà, àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ti jẹ àlékún náà tán kí ilé tó pé ọdún kan.

Ohun tí ilé fúnra rẹ̀ ti ń sọ

Kí ẹ̀rọ kankan tó dé, ojú lè kà díẹ̀. Ìlà tó ń yà gba ara ògiri bí àtẹ̀gùn, tó ń tẹ̀ lé ojúpọ̀ bulọ́ọ̀kù láti igun fèrèsé, sábà máa ń fi hàn pé apá kan ilẹ̀ ń rì ju èkejì lọ. Ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ pa mọ́ bí tẹ́lẹ̀ lè jẹ́ ara rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì ń lọ, ẹ lẹ pílásítà kékeré mọ́ orí ìlà náà, ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ wò ó léraléra. Bí pílásítà náà bá ya, ilẹ̀ kò tíì dákẹ́.

Lára pílà, ìlà tó ń lọ láti òkè sí ìsàlẹ̀ gbọọrọ, tó sì ní àwọ̀ ìpẹtà, túmọ̀ sí pé irin inú rẹ̀ ti ń wú, ó ń tì kọnkéré síta. Bí wọ́n bá fi òòlù kékeré kan ara pílà tí ó dún bí ihò, kọnkéré ibẹ̀ ti kúrò lára irin. Ìsàlẹ̀ pílà, níbi tí ó ti pàdé flọ́ọ̀, náà ni kí wọ́n wò dáadáa, torí ibẹ̀ ni òkúta máa ń dá wà láìsí símẹ́ńtì tó kún àárín rẹ̀ bí wọn kò bá gún kọnkéré dáadáa nígbà tí wọ́n ń dà á. Ilé tó bá ní àwọn àmì yìí, àtúnṣe ló ń béèrè fún, kì í ṣe àjà.

Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá

Ilé tí a ṣírò yìí kùnà ní ibi méjì: bésì kéré, kọnkéré pílà kò le tó. Kì í ṣe pé kò sí ọ̀nà. Fún tọ́ọ̀nù 37.8 lórí ilẹ̀ yìí, bésì gbọ́dọ̀ di mítà 1.6 ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Wọ́n á gbẹ́ yí bésì àtijọ́ ká, wọ́n á lá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó rí ṣágiṣàgi, wọ́n á gbẹ́ irin tuntun wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tó lágbára, wọ́n á sì da kọnkéré tuntun sí i. Kì í ṣe ìbú nìkan ni yóò pọ̀ sí i. Bésì tó fẹ̀ tí kò nípọn tó lè tẹ̀, tàbí kí pílà gún un kọjá. Pílà kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fi irin ti bíìmù òkè rẹ̀, wọn kò sì ní ṣí èyí tó tẹ̀ lé e títí kọnkéré ti àkọ́kọ́ yóò fi le.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wọ pílà láṣọ kọnkéré: wọ́n á fi irin tuntun àti ríìngì yí i ká, wọ́n á da kọnkéré tó nípọn tó mílì 100 sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀. Pílà mílì 225 á di mílì 425. Irin tuntun yẹn gbọ́dọ̀ wọ inú bésì tuntun, kí ó sì gba inú dẹ́kìn kọjá lọ sókè. Bí ó bá dúró sórí flọ́ọ̀, aṣọ lásán ni wọ́n fi wọ pílà, kò gbé nǹkan kan. Èyí tún ń jẹ àyè yàrá, àwọn ayálégbé ní láti jáde, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré kankan lókè. Nígbà tí wọ́n bá fi owó iṣẹ́ yìí kún owó àjà tuntun, ọ̀pọ̀ onílé á rí i pé ó sàn kí wọ́n kọ́ ilé kékeré mìíràn sí àyè tó ṣẹ́ kù lórí ilẹ̀ wọn.

Àṣìṣe yìí kì í jẹ́wọ́ kíákíá

Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ ni pé ilé tí wọ́n gbé àjà lé láìyẹ kì í sábà wó lọ́jọ́ tí wọ́n parí rẹ̀. Ní Seoul, olú ìlú South Korea, wọ́n yí ètò ilé ìtajà Sampoong padà láti alájà mẹ́rin sí alájà márùn-ún. Ilé ìjẹun ni wọ́n fi àjà karùn-ún ṣe, pẹ̀lú pẹpẹ kọnkéré tó nípọn tí wọ́n ń mú gbóná, wọ́n sì gbé àwọn ẹ̀rọ amúlétutù ńlá lé orí òrùlé. Àwọn pílà kò nípọn tó bó ṣe yẹ. Ilé náà ṣí ní 1989, ó dúró fún ọdún márùn-ún ó lé. Ní 29 Oṣù Kẹfà 1995, lẹ́yìn tí ìlà ti ń yà lókè láti ọjọ́ díẹ̀, ó wó, ó sì pa ènìyàn 502.

Nítòsí wa, ilé àlejò kan wó ní Ìkọ̀tún, Èkó, ní 12 Oṣù Kẹsàn-án 2014, ènìyàn 116 ló kú. Adájọ́ tó ṣe ìwádìí ikú náà sọ ní 2015 pé àbùkù nínú ìgbékalẹ̀ ilé náà ló fà á.

Ohun tó yẹ kí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹnjiníà

Bíríkìlà tó mọ iṣẹ́ ní iyì tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló yẹ kó dá ẹjọ́ yìí. Ẹ wá ẹnjiníà ilé tó ní ìwé COREN, ẹ ní kó fi ọwọ́ sí ohun tó bá sọ. Àjà tuntun gba ìyọ̀ǹda tuntun lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Ìyọ̀ǹda tí ẹ gbà fún ilé àtijọ́ kò bo ó. Bí àwòrán ilé àtijọ́ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ fún un, ṣùgbọ́n kó má ṣe gba àwòrán náà gbọ́ láìgbẹ́ ilẹ̀ wò, torí ohun tí wọ́n yà àti ohun tí wọ́n kọ́ kì í sábà rí bákan náà.

Ìwé tó bá mú wá gbọ́dọ̀ dárúkọ pílà tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù, kó sì sọ ẹrù tó wà lórí rẹ̀ lónìí àti èyí tí yóò wà lórí rẹ̀ lọ́la. Kó sọ ìwọ̀n bésì tí wọ́n fi ojú ara wọn rí nínú kòtò, àti iye tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lè gbà. Kó sọ irin tí wọ́n wọ̀n àti gíréèdì kọnkéré tí ilé ìdánwò rí. Lẹ́yìn èyí ni kó wá fi àwọn nọ́ńbà náà ko ara wọn lójú, kó ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìwé tó bá ní "ilé náà lágbára" láìsí àwọn nọ́ńbà yìí kò sọ ju ohun tí irin tó yọ lórí dẹ́kìn ti sọ lọ. Ẹ dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n já òkúta kan ṣoṣo sílẹ̀ níwájú ilé títí yóò fi mú àwọn nọ́ńbà náà wá.